Ìdí gbòòrò, èjìká tín-ín-rín: bí ẹ ṣe lè múra lọ sí dínà ńlá pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan

Obìnrin tí ìdí rẹ̀ gbòòrò ju àyà àti èjìká rẹ̀ lọ mọ wàhálà tó wà nínú wíwá gáùn lọ́jà. Èyí tó bá gba ìdí, èjìká rẹ̀ á máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá sì jókòó dáadáa ní èjìká, kò ní kọjá itan. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń rán aṣọ fún títà ló fa èyí, torí wọ́n máa ń gé aṣọ bíi pé ìdí gbogbo obìnrin fi nǹkan bí íǹṣì 2 sí 3 ju àyà wọn lọ. Tí ìdí tiyín bá fi íǹṣì 7 tàbí 8 ju àyà lọ, kò sí nọ́ńbà gáùn kan tó máa bá òkè àti ìsàlẹ̀ yín mu lẹ́ẹ̀kan náà, bó ti wù kí ẹ rìn ká ọjà tó.

Èyí ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé, bí owó bá kéré, ẹ má wá gáùn rárá. Ẹ pín aṣọ náà sí méjì: síkẹ́ẹ̀tì gígùn tó balẹ̀, tí wọ́n rán sí ìwọ̀n ìdí yín, àti búláòsì tó lẹ́wà, tí ẹ rà ní ìwọ̀n èjìká yín. Ìsàlẹ̀ á gba nọ́ńbà tirẹ̀, òkè á gba tirẹ̀, ẹ ò sì ní san owó fún télọ̀ tó máa tú gáùn palẹ̀ kó tó tún un tò. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Níbi dínà, orí ìjókòó lẹ máa wà fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tábìlì á bo ìsàlẹ̀ yín. Òkè ni gbogbo èèyàn máa rí, òkè náà sì ni ọ̀ṣọ́ yẹ kó wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà ṣe àpẹẹrẹ. Iléeṣẹ́ wọn fẹ́ ṣe dínà òpin ọdún ní oṣù Kejìlá, káàdì ìpè sì sọ pé aṣọ alẹ́ gígùn ni kí àwọn obìnrin wọ̀. 40,000 náírà ló yà sọ́tọ̀ fún gbogbo rẹ̀, látorí yẹtí títí dé owó ọkọ̀. Ó ti wọ gáùn títí ní Yábàá kó tó wá bá mi. “Àǹtí, èyí tó bá wọ̀ mí ní ìdí, ọmú méjì tún lè wọ inú àyà rẹ̀ sí i.” Bí a ṣe ṣe é nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn ara yín, lórí ìdúró àti lórí ìjókòó

Ẹ wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí ẹ máa lò lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì mú téèpù. Ẹ wọn àyà níbi tó ti yọ jù. Ẹ wọn ìbàdí, ibi tí ara ti tín-ín-rín jù lókè ìdodo. Lẹ́yìn náà kó kan ìdí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í. Ibi tí egungun ìdí wà kọ́ ni ibi tó fẹ̀ jù lára ọ̀pọ̀ nínú wa. Ó máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí i, níbi tí ìdí ti pàdé itan. Ẹ jẹ́ kí téèpù tú díẹ̀, kí ẹ máa fà á sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí ẹ máa fi rí nọ́ńbà tó ga jù. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí ẹ sì kọ bó ṣe jìnnà tó sí ìbàdí, torí télọ̀ máa nílò méjèèjì.

Ẹ wá jókòó sórí àga líle, kí ẹ tún ibẹ̀ wọ̀n. Ẹran ara máa ń tẹ́ tí a bá jókòó, nọ́ńbà á sì ga sókè. Ti ọmọbìnrin yìí: àyà 35, ìbàdí 29, ìdí 43 lórí ìdúró, 45 lórí ìjókòó. Aṣọ tí kì í fà gbọ́dọ̀ jẹ́ 45 ó kéré tán níbẹ̀. Ẹni tó bá rán an sí 43 géérégé á dúró dáadáa níwájú dígí ilé, àmọ́ bí wọ́n bá gbé oúnjẹ dé, ojú rírán á bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pín owó kí ẹ tó jáde nílé

A pín 40,000 rẹ̀ báyìí: aṣọ síkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú sípù àti òwú kò gbọ́dọ̀ kọjá 12,000; owó télọ̀, 10,000; búláòsì, 8,000; àtúnṣe búláòsì, 2,000. 8,000 tó kù wà fún yẹtí, àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti ọkọ̀. A ò ya owó bàtà sọ́tọ̀ torí ó ní bàtà dúdú kan tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga níwọ̀nba, síkẹ́ẹ̀tì gígùn á sì bò ó mọ́lẹ̀. Iye owó máa ń yàtọ̀ láti ọjà sí ọjà, àmọ́ ìpín yẹn ni kí ẹ dì mú. Tí aṣọ síkẹ́ẹ̀tì bá ti jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó lọ, ẹ padà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá èyí tó rọjú, torí ìsàlẹ̀ kò nílò kó ṣe fáàrí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: aṣọ síkẹ́ẹ̀tì

Kírépù ni mo máa ń yàn. Ó wúwo díẹ̀, ó máa ń rọ̀ wálẹ̀ láì lẹ̀ mọ́ ara, kì í dán, kì í sì í rún púpọ̀ lórí ìjókòó. Sátíìnì tín-ín-rín máa ń fi gbogbo ìlà àwọ̀tẹ́lẹ̀ hàn, iná gbọ̀ngàn á sì máa tàn yanran níbi tí ìdí ti yọ jù. Àwọ̀ dúdú, àwọ̀ aró tó ki tàbí àwọ̀ wáìnì ló dára jù fún ìsàlẹ̀.

Ẹ béèrè fífẹ̀ aṣọ kí ẹ tó sọ iye yáàdì. Kírépù sábà máa ń fẹ̀ tó íǹṣì 58 sí 60. Síkẹ́ẹ̀tì ọmọbìnrin yìí gùn tó íǹṣì 42. Tí a bá fi ti ìṣẹ́tí àti ti òkè kún un, ó di 45. Lórí aṣọ tó fẹ̀ tó 60, wọ́n lè gé iwájú kí wọ́n sì yí ẹ̀yìn sódì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹnu tóóró ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu fífẹ̀ èkejì. Yáàdì kan àtààbọ̀ á tó, á sì ṣẹ́kù díẹ̀. Tí aṣọ bá fẹ̀ tó 45 péré, méjèèjì kò ní gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀kan ní láti tẹ̀lé èkejì, ìyẹn á sì gba yáàdì méjì àtààbọ̀. Aṣọ tó dà bíi pé ó pọ́ọ́kú lórí yáàdì kan lè wá wọ́n jù nígbẹ̀yìn. Ẹ ṣírò rẹ̀ níwájú oníṣọ́ọ̀bù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ohun tí ẹ máa sọ fún télọ̀

Ibí yìí ni aṣọ ti máa ń dára tàbí bàjẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe ju aṣọ sílẹ̀ kí ẹ sì máa lọ. Ẹ sọ pé síkẹ́ẹ̀tì tó mú ìbàdí ni ẹ fẹ́, tó kan máa fara kan ìdí kó tó máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ilẹ̀ bíi lẹ́tà A. Kí ó má fún pọ̀ ní orúnkún. Gáùn onírù ẹja tí gbogbo èèyàn ń gbé kiri máa ń fi ara hàn dáadáa nínú fọ́tò, àmọ́ ó nílò ìránṣọ olówó ńlá kó tó jókòó lára onídìí, gígun àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì nínú rẹ̀ kò sì rọrùn.

Láàárín ìbàdí 29 àti ìdí 43, íǹṣì 14 ló wà. Télọ̀ tó ń kánjú á kó gbogbo ìyàtọ̀ náà sínú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ àti dáàtì méjì lẹ́yìn, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ aṣọ pọ̀ tí wọ́n sì rán an kó lè tín-ín-rín. Dáàtì tó bá gba aṣọ púpọ̀ jù máa ń parí sí ṣóńṣó, bíi pé nǹkan bọ́ sábẹ́ aṣọ, òkè síkẹ́ẹ̀tì á sì máa là sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ síwájú. Ẹ ní kó ṣe dáàtì mẹ́rin lẹ́yìn, méjì lápá kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré, kí èyí tó sún mọ́ àárín ẹ̀yìn sì gùn díẹ̀ ju èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ. Méjì kékeré á tó níwájú. Kí ó gé ìgbànú síkẹ́ẹ̀tì náà kó tẹ̀ díẹ̀, kó tẹ̀lé ara, kó má jẹ́ ọ̀já gbọọrọ. Ọ̀já gbọọrọ ló máa ń là sílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo onídìí ńlá.

Sípù gbọ́dọ̀ wà ní àárín ẹ̀yìn, irú èyí tí eyín rẹ̀ kì í hàn. Ẹ̀gbẹ́ ni ọ̀pọ̀ télọ̀ fẹ́ràn láti fi sí, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ni ìdí ti tẹ̀ jù, sípù tó bá gba orí ibi tó tẹ̀ báyẹn á máa wú sókè. Fún ìdí kan náà, kò gbọ́dọ̀ sí àpò ní ẹ̀gbẹ́, torí ẹnu rẹ̀ máa ń yà bíi etí, ó sì máa ń fi kún fífẹ̀ ibi tí ẹ kò fẹ́ kó fẹ̀ sí i.

Ìṣẹ́tí ló kẹ́yìn. Ìdí tó bá yọ sẹ́yìn máa ń gbé aṣọ sókè lẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé síkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wọn láti ìbàdí wá sílẹ̀ á kúrú lẹ́yìn ju iwájú lọ. Ẹ wọ bàtà ọjọ́ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ dúró láì tẹ̀, kí télọ̀ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ lọ sókè yíká, kó sì fi píìnì há a. Ààbọ̀ íǹṣì sókè ilẹ̀ ló dára. Tó bá wọ́ nílẹ̀ gan-an, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ tí ẹ bá ń lọ bu oúnjẹ.

Télọ̀ a máa kún fún iṣẹ́ lóṣù Kejìlá, nítorí náà ẹ gbé aṣọ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì dá ọjọ́ tó fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú dínà fún un. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àtúnṣe máa wọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: búláòsì láti ọjà òkìríkà

Yábàá àti Katangúwà ní Èkó kún fún aṣọ òkìríkà tó dára, Gbági náà sì wà fún àwọn ará Ìbàdàn. Ẹ mú ègé kékeré lára aṣọ síkẹ́ẹ̀tì lọ, kí ẹ sì lọ nígbà tí oòrùn ṣì wà. Tí síkẹ́ẹ̀tì bá dúdú, ẹ má wá búláòsì dúdú láti bá a mu. Dúdú méjì láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í jọra. Ọ̀kan á máa rí bí eérú tàbí bí aró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì lábẹ́ iná gbọ̀ngàn. Ẹ wá èyí tó yàtọ̀ gedegbe: àwọ̀ wúrà, fàdákà, ewé tútù, funfun tó pọ́n díẹ̀.

Ohun tí a ń wá ni ohun tó máa mú kí èjìká dà bí ẹni pé ó fẹ̀, kí òkè lè ṣe déédéé pẹ̀lú ìsàlẹ̀. Ọrùn tó ṣí gbọọrọ láti èjìká kan dé èkejì dára púpọ̀. Bákan náà ni apá tó wú lókè, tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tó tò yí ọrùn àti èjìká ká. Ọrùn tó tín-ín-rín tó sì ṣí wálẹ̀ dé àárín àyà láìsí ohunkóhun lórí èjìká kò ní ràn yín lọ́wọ́.

Ibi tí búláòsì parí sí ṣe pàtàkì bí ọrùn rẹ̀. Kó parí ní ìbàdí tàbí kó ṣe é ki sínú síkẹ́ẹ̀tì. Búláòsì tó parí gẹ́lẹ́ níbi tí ìdí ti fẹ̀ jù ń fa ìlà sí ibẹ̀, ojú gbogbo èèyàn á sì lọ síbẹ̀ kó tó lọ síbòmíràn. Tí ẹ bá rí èyí tó dára àmọ́ tó gùn jù, ẹ má bẹ̀rù, gígé rẹ̀ kúrú kì í ṣòro. Ohun tó ṣòro ni èjìká. Láti dín èjìká kù, télọ̀ ní láti yọ apá méjèèjì kúrò kó tún un rán, owó rẹ̀ sì lè ju owó búláòsì lọ. Ẹ jẹ́ kí èjìká bá yín mu pátápátá ní ọjà, kí ẹ wá dín ẹ̀gbẹ́ kù nílé.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí i síta sínú. Ẹ wo abẹ́ apá fún àbààwọ́n, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ fa sípù sókè sílẹ̀, ẹ na aṣọ sójú oòrùn kí ẹ lè rí ihò. Tó bá jẹ́ onílẹ̀kẹ̀, ẹ wò ó bóyá òwú ìlẹ̀kẹ̀ ti ń tú. Ìlẹ̀kẹ̀ mélòó kan tó já kò ṣe nǹkan, ẹ lè fi ọwọ́ rán an padà. Àmọ́ tí ìlà gígùn kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bí ẹ ṣe fà á, ẹ fi sílẹ̀. Omi tútù àti ọwọ́ ni kí ẹ fi fọ onílẹ̀kẹ̀, kí inú rẹ̀ wà lóde.

Ọmọbìnrin wa rí búláòsì àwọ̀ wúrà kan tó ní apá wíwú, tí ọrùn rẹ̀ ṣí gbọọrọ, tó bá àyà 35 mu. Ó gùn dé ìdí. A gé e kúrú dé íǹṣì mẹ́ta sísàlẹ̀ ìbàdí kó lè ṣe é ki, a sì lo ègé tó kù láti fi rán ibi tó ti ṣí lábẹ́ apá.

Tí káàdì ìpè bá gba aṣọ ìbílẹ̀, ọ̀nà kan wà tó tún rọrùn ju èyí lọ: ìró àti bùbá tó wà nínú àpótí yín. Ìró máa ń bá gbogbo ìdí mu, gèlè sì ń gbé ojú lọ sókè. Ẹ kàn ṣọ́ra pẹ̀lú ìpèlé. Ẹ gbé e lé èjìká, ẹ má so ó mọ́ ìbàdí, torí ó máa ń fi kún ìdí ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dán an wò kí ọjọ́ tó pé

Ẹ wọ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ nílé, kí ẹnìkan ya yín ní fọ́tò láti ẹ̀yìn, lórí ìdúró àti lórí ìjókòó, pẹ̀lú iná kámẹ́rà. Iná yẹn máa ń la aṣọ tín-ín-rín já, ó sàn kí ẹ mọ̀ nílé. Nínú fọ́tò ẹ̀yìn, ẹ wo àwọn ìlà tó wà lára síkẹ́ẹ̀tì. Tí ìlà bá dùbúlẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì lórí ìdí, aṣọ náà fún yín jù níbẹ̀. Tí ìlà bá dùbúlẹ̀ ní ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ìgbànú, síkẹ́ẹ̀tì ń gun òkè torí kò ráyè kọjá ìdí, ohun kan náà ni. Àwọn ìlà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sílẹ̀ fúnra wọn kò burú, bí kírépù ṣe ń ṣubú nìyẹn.

Kí télọ̀ tó ṣèlérí pé òun á tú u sílẹ̀, ẹ wo inú ojú rírán. Iye aṣọ tó kù sínú níbẹ̀ nìkan ni wọ́n lè tú. Tó bá jẹ́ ààbọ̀ íǹṣì lápá kọ̀ọ̀kan, ẹ ò lè rí ju íǹṣì kan lápapọ̀. Ẹ máa sọ fún télọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé kó fi íǹṣì kan sílẹ̀ nínú ojú rírán ẹ̀gbẹ́.

Ọjọ́ dínà

Itan tó bá ń ha ara wọn lè ba gbogbo alẹ́ jẹ́. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó gùn dé àárín itan, irú èyí tí a fi ń gun kẹ̀kẹ́, á yanjú ìyẹn, kò sì ní fi ìlà hàn. Nọ́ńbà yín gan-an ni kí ẹ rà. Èyí tó bá kéré jù á máa ká bọ̀ wálẹ̀ láti ìbàdí, á sì ṣe bíi rọ́bà lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì.

Oṣù Kejìlá ni ọyẹ́ máa ń fẹ́. Nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn, kírépù tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe máa ń fà mọ́ itan, á sì máa gun òkè bí ẹ ṣe ń rìn. Ẹ fi ìpara pa ẹsẹ̀ àti itan dáadáa kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ẹ sì wọ tòbí òwú lábẹ́ rẹ̀ dípò láílọ́ọ̀nù. Tó bá tún ń lẹ̀ mọ́ yín níbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tí ẹ rọra fi omi rẹ̀ díẹ̀ ra inú síkẹ́ẹ̀tì.

Yẹtí ńlá tó mọ́lẹ̀ ló tó. Tí ọrùn búláòsì bá ti ní ìlẹ̀kẹ̀, ẹ má fi ẹ̀gbà ọrùn kún un. Pọ́ọ̀sì kékeré ni kí ẹ mú, kí ẹ dì í mú lọ́wọ́ sókè ní ìbàdí; báàgì tó bá fi okùn gígùn rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìdí á tún mú kó fẹ̀ sí i. Ẹ fi píìnì aláàbò méjì àti abẹ́rẹ́ tí òwú dúdú ti wà nínú rẹ̀ sínú pọ́ọ̀sì náà, torí ìgbànú síkẹ́ẹ̀tì tuntun máa ń fẹ́ tú lálẹ́ àkọ́kọ́.